Ẹ má sanwó fún ẹni tó tún kọ̀ǹpútà yín ṣe, àfi tí ‘ọkọ̀’ bá jáde bí ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi kò ṣọ́ orí mi dáadáa ní ọdún 2024, nígbà tí lẹ́tà kan wọlé sí ojú ìwé Yorùbá yìí láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní agbègbè Òkè-Ògùn. Lẹ́tà náà kò ní àmì kankan lórí, kò sì ní ìkankan lábẹ́. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé “won ti gba oko egbe wa”. Mo kà á, mo ní ó ti yé mi. Mo kọ ìròyìn pé wọ́n ti gba oko mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, a sì gbé e jáde.

Kò pé ọjọ́ méjì tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe oko. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹgbẹ́ náà fi ń kó iṣu lọ sọ́jà ni àwọn tó yá wọn lówó wá wọ́ lọ. Ní ti oko, ìdílé kan ló yá wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n ń dá a sí, àwọn yẹn sì ti gbọ́ pé ìwé ìròyìn pe àwọn ní ajagungbalẹ̀. A tọrọ àforíjì, a gbé àtúnṣe jáde, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ ná. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn kì í ṣe púrúǹtù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí mo lọ bẹ bàbá náà nílé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Kọ̀ǹpútà mi ló gbàgbé rẹ̀. Ó kọ̀ kò tàn mọ́, mo gbé e fún ọmọkùnrin kan nígboro, ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ó sì tún Windows mìíràn fi sí i. Ó ń tàn dáadáa báyìí, àmọ́ Yorùbá ti kúrò níbẹ̀.” Wọ́n ṣí lẹ́tà àtijọ́ kan fún mi wò. Níbi tó yẹ kí ‘ọkọ’ wà, ohun tí mo rí ni `]k]`.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kò ju èyí lọ. Ẹni tó bá tún kọ̀ǹpútà ọmọ Yorùbá ṣe, tó pa inú rẹ̀ rẹ́, tó sì fi òmíràn sí i, kò tíì parí iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà bá tàn. Ó kù kí ó tẹ àwọn lẹ́tà wa, kí ojú kọ̀ǹpútà sì fi wọ́n hàn bó ṣe yẹ. Títí tí èyí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, kí owó rẹ̀ wà lápò yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè bi í, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni lẹ́tà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ àwòrán. Nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èdè ayé ni a ti fún ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé orúkọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Yúníkóòdù. Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rán nọ́ńbà náà wọlé nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀kẹta ni fọ́ǹtì, ìyẹn àwọn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń mú jáde láti fi nọ́ńbà náà hàn wá lójú. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè rò pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí `]k]` bàbá nìyí. Láyé àtijọ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì mọ lẹ́tà wa, àwọn ọlọ́gbọ́n kan ya fọ́ǹtì Yorùbá. Wọ́n mú àmì tí a kì í sábà lò, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ya ‘ọ’ síbẹ̀. Ẹ tẹ `]`, ẹ ó rí ‘ọ’. Ó dùn mọ́ni, ó sì ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fáìlì kì í ṣe ‘ọ’ rárá. `]` ni, ó kàn wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù ni. Ọjọ́ tí wọ́n pa inú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ́ ni fọ́ǹtì yẹn bá a lọ, `]` sì bọ́ sí ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tí kò bá ní fọ́ǹtì náà, títí kan ti ilé ìtẹ̀wé àti tiwa níbí.

Ọ̀nà kan wà láti mọ èyí tó jẹ́ lẹ́tà gidi yàtọ̀ sí aláṣọ àyálò, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣí Microsoft Word. Ẹ gbé igi kékeré tó ń ṣẹ́jú sí ẹ̀yìn lẹ́tà tí ẹ ń fura sí, kí ẹ di bọ́tìnnì Alt mú, kí ẹ sì tẹ X. Lẹ́tà náà yóò yí padà di nọ́ńbà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ‘ọ’ gidi, ẹ ó rí 1ECD. Bí a ti ṣe é lórí ti bàbá, 005D ló jáde, nọ́ńbà àmì `]` sì nìyẹn. Ẹ tún tẹ Alt àti X lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà náà yóò padà di lẹ́tà.

Ìdánwò yìí tún ṣiṣẹ́ láti apá kejì, ibẹ̀ gan-an ló sì ti wúlò jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà. Lórí ìlà tuntun, ẹ tẹ 1EB9, kí ẹ wá tẹ Alt àti X. Yóò di ‘ẹ’. Láìfi àyè sílẹ̀, ẹ tẹ 0301, kí ẹ tún tẹ Alt àti X. Àmì òkè yóò gun orí rẹ̀, yóò di ‘ẹ́’. Bí lẹ́tà náà bá jáde dáadáa báyìí, tí kò sì jáde nígbà tí ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lásán, fọ́ǹtì yín kò ní àrùn. Kíbọ́ọ̀dù ni a kò tíì tò. Bí ó bá jẹ́ àpótí kékeré ló jáde, fọ́ǹtì ni kí ẹ wá ojútùú sí. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ nílò kò ju mẹ́jọ lọ:

```
Ẹ  1EB8      ẹ  1EB9
Ọ  1ECC      ọ  1ECD
Ṣ  1E62      ṣ  1E63
àmì òkè (mí)     0301
àmì ìsàlẹ̀ (dò)   0300
```

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ‘ẹ’ fi ní nọ́ńbà kan, tí ‘ẹ́’ sì nílò méjì. Ohun tó fà á ni pé ‘ẹ’ àti ‘ọ’ wà nínú èdè àwọn ará Vietnam pẹ̀lú, wọ́n sì ti fún wọn ní nọ́ńbà tipẹ́. Ṣùgbọ́n èdè yẹn kì í gbé àmì òkè lé orí lẹ́tà tó ti ní ìkán lábẹ́ bíi tiwa, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fún ‘ẹ́’ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn tó ń bójú tó Yúníkóòdù kì í sì í fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun mọ́, bí ó bá ti ṣeé fi lẹ́tà àti àmì tó wà nílẹ̀ kọ. Ìdí nìyí tí àwa fi gbọ́dọ̀ to tiwa lérí ara wọn: lẹ́tà àti ìkán rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àmì ohùn tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kíbọ́ọ̀dù. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ wọ Settings, ẹ wá Time & language, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Language sí, kí ẹ sì tẹ Add a language. Ẹ kọ Yoruba síbẹ̀, ẹ mú un, kí ẹ jẹ́ kí ó wọlé. Ó lè nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ó dára kí ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe ṣe é kí ó tó dá a padà fún yín. Bí ó bá bi yín bóyá kí èdè náà di èdè tí Windows fúnra rẹ̀ yóò máa sọ, ẹ má fọwọ́ sí i; kíbọ́ọ̀dù nìkan la ń wá. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá di bọ́tìnnì tó ní àmì fèrèsé mú, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀, kíbọ́ọ̀dù yóò yí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Bí ẹ bá tún ṣe é, yóò padà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù, nítorí ohun tí a kọ sára bọ́tìnnì kò yí padà. Ìka yóò tẹ ohun kan, ojú yóò rí òmíràn. Ẹ di bọ́tìnnì fèrèsé mú, ẹ tẹ R, kí ẹ kọ `osk`, kí ẹ sì tẹ Enter. Àwòrán kíbọ́ọ̀dù yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì fi ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń mú jáde hàn yín. Ẹ tẹ Shift níbẹ̀ kí ẹ wo lẹ́tà ńlá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Alt ti apá ọ̀tún kí ẹ wo èyí tó fara pamọ́. Ẹ dà á kọ sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ní ti bàbá, ìka wọn ti mọ́ kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lára, wọn kò sì fẹ́ kọ́ òmíràn mọ́. Inú Word nìkan ni wọ́n ti ń kọ̀wé. Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn la gbà. A wọ Insert, a tẹ Symbol, a sì tẹ More Symbols. Nínú àpótí kékeré tí wọ́n kọ Character code sí, tí a sì ti mú Unicode (hex) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kọ 1EB9. A tẹ Shortcut Key, a wá di Alt mú, a sì tẹ E, lẹ́yìn náà a tẹ Assign. Láti ìgbà yẹn, Alt pẹ̀lú E di ‘ẹ’. A ṣe Alt pẹ̀lú O fún ‘ọ’ àti Alt pẹ̀lú S fún ‘ṣ’, a sì fi Shift kún wọn fún lẹ́tà ńlá. Nígbà tó kan àmì ohùn, bàbá fúnra wọn ló dá a lábàá pé kí Alt pẹ̀lú D jẹ́ dò, kí Alt pẹ̀lú M sì jẹ́ mí. Re kò nílò bọ́tìnnì, nítorí a kì í kọ àmì sórí rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe kọ́ ọmọdé nìyẹn, báyìí ni kọ̀ǹpútà náà yóò ṣe kọ́ ọ.

Ọ̀nà yìí ní ààlà tirẹ̀. Inú Word nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ í-meèlì, ẹ ní láti kọ ọ́ sínú Word kí ẹ tó dà á síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún pa inú kọ̀ǹpútà rẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, ètò náà yóò bá a lọ, ẹ ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti fọ́ǹtì àtijọ́. Bọ́tìnnì lè sọnù, àmọ́ lẹ́tà tí ẹ ti kọ kò ní yí padà, nítorí ‘ọ’ gidi ló wà nínú fáìlì.

Ó wá ku fọ́ǹtì. Àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa wò. Bí àpótí bá jáde dípò lẹ́tà, fọ́ǹtì náà kò ní lẹ́tà yẹn rárá. Bí ‘ẹ’ tàbí ‘ṣ’ bá nípọn tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn tó yí i ká lọ, Word ti lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. ‘Ṣ’ ni èyí máa ń ṣe jù, nítorí àwọn tó ya fọ́ǹtì fún àwọn ará Vietnam kò nílò rẹ̀, wọn kì í sì í rántí rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí àmì ohùn bá sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó lọ bà lé lẹ́tà kejì lórí, fọ́ǹtì náà ní lẹ́tà, ó ní àmì, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀kan lé èkejì.

Times New Roman tó bá Windows òde òní wá ń ṣe dáadáa fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n ya pẹ̀lú irú èdè tiwa lọ́kàn lè wá Charis SIL tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Àwọn fọ́ǹtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ tí ẹ máa ń rí lára ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, bíi Algerian, ni ẹ ó ṣọ́ra fún, nítorí orúkọ olóògbé ni wọ́n sábà máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ yín lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ tẹ Save As, kí ẹ mú PDF. Àwòrán lẹ́tà yóò bá fáìlì náà lọ, kò sì ní kan ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n ní fọ́ǹtì yín tàbí wọn kò ní.

Àwọn lẹ́tà àtijọ́ bàbá ńkọ́? Wọn kò ṣègbé. A kọ́kọ́ da gbogbo wọn sórí fìláàṣì kí ọwọ́ má baà ṣì. Lẹ́yìn náà a tẹ Ctrl àti H, a ní kí Word máa wá `]`, kí ó fi ‘ọ’ rọ́pò rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé àmì `]` gidi lè wà nínú lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n Word kì í gbàgbé orúkọ fọ́ǹtì tí a fi kọ ọ̀rọ̀, bí fọ́ǹtì náà tilẹ̀ ti sọnù. A tẹ More, Format àti Font, a kọ orúkọ yẹn síbẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun tí a fi fọ́ǹtì mìíràn kọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àwọn kan yóò sọ pé ariwo ọ̀rọ̀ nìyí, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn láti inú gbólóhùn. Mo gbọ́ Yorùbá. Òun ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀ mo sọ ọkọ̀ di oko, mo sì sọ ìdílé kan tó ṣe wọ́n lóore di ọ̀tá lójú aráyé. Àwọn mìíràn máa ń fa ìlà sábẹ́ ‘e’ àti ‘o’ pẹ̀lú Ctrl àti U, wọ́n ní ó ti tó. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Ẹ dà á sínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ìlà náà yóò dúró sílé, ‘o’ lásán ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba kọ̀ǹpútà yín, ẹ má kàn wò ó bóyá ó tàn. Ẹ fún ẹni tó tún un ṣe ní ìlà kan ṣoṣo yìí pé kí ó tẹ̀ ẹ́ níṣojú yín: “Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń ṣọ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ ní etí oko.” Ó ní lẹ́tà ńlá tó gbé àmì sókè àti sísàlẹ̀, ó ní ‘ṣ’, ó ní ‘ń’, ó sì ní ọkọ̀ àti oko nínú gbólóhùn kan náà. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Bí ó bá dé láìyẹ̀, ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì dúpẹ́. Bí kò bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbẹ̀wò mi, lẹ́tà mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ bàbá. Wọ́n ti san gbèsè, wọ́n sì ti gba ohun ìní wọn padà. Mo gbé igi tó ń ṣẹ́jú sí ẹ̀yìn ‘ọ’ àkọ́kọ́, mo tẹ Alt àti X: 1ECD. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìròyìn láìmikàn pé ọkọ̀ ni.